Níbo ni kí n fi p àti gb sí nínú àtẹ kọ́ńsónáǹtì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà · Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́

Okun o, gbogbo ilé. Mo wà ní ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, Yorùbá ni mo yàn. Wọ́n ní ká ya àtẹ kọ́ńsónáǹtì Yorùbá, ká kọ ibi ìsẹ́nupè sí òkè, ká kọ ọ̀nà ìsẹ́nupè sí ẹ̀gbẹ́. Mo fi p àti b sí ojú kan náà lábẹ́ afèjì-ètè-pè, torí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a lò ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyẹn: ètè méjèèjì ló pè wọ́n, p kò kùn, b kùn. Gb ló wá dà mí láàmú. Mo fi í sí abẹ́ àfàsé pẹ̀lú g, nítorí g ló ṣáájú nínú rẹ̀.

Olùkọ́ fa igi sí méjèèjì. Gbogbo ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni "tún ẹnu rẹ wò." Mo ti tún un wò nínú jígí títí ó fi sú mi. Bí mo bá pe "pa", ètè mi á pàdé. Bí mo bá pe "ba", ètè mi á pàdé. Kí ni mi ò rí? Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹnu fún mi bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọdé.

Ọmọ Ìyàrà · 7:58 alẹ́

Kò le rárá. Gb jẹ́ g àti b tí a pè tẹ̀lé ara wọn kíákíá. P Yorùbá náà, k àti p ni. Torí náà kọ gb sí abẹ́ àfàsé, kí o tún un kọ sí abẹ́ ètè, ojú méjì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ nígbà tèmi, mo sì yege.

Ìyá Ìbejì · 8:15 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ gb yìí? Àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́ta ní oṣù tó kọjá. Kẹ́hìndé ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Táyé ni kò lè pe gb. "Gbogbo" di "bobo" lẹ́nu rẹ̀, igbá di "ibá". Ìyá ọkọ mi ní iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló kúrú, pé ká wá ẹni tó máa gé e. Ẹ̀rù gígé yẹn ń bà mí.

Tísà Ìsánlú · 9:20 alẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà, okun ọmọ mi. Jígí rẹ kò purọ́, àmọ́ iwájú ẹnu nìkan ló lè fi hàn ọ́. Ẹ̀yìn ni ohun tí ò ń wá wà.

Ẹ̀dọ̀fóró ló ń ti èémí jáde. Èémí yẹn á gba tán-án-ná kọjá nínú ọ̀fun, á sì bọ́ sínú ẹnu. Bí o bá fẹ́ pe kọ́ńsónáǹtì, ìwọ fúnra rẹ lo máa dí èémí yìí lọ́nà. Ibi tí o ti dí i ni wọ́n ń bi ọ́ ní òkè àtẹ, bí o ṣe dí i ni wọ́n ń bi ọ́ ní ẹ̀gbẹ́. Bí o bá sé e pátápátá kí o tó tú u sílẹ̀, àsénupè ni. Bí o bá fi àyè tóóró sílẹ̀ fún un tó ń fún ara rẹ̀ kọjá, tó ń dún bíi "sss" tàbí "fff", àfúnnupè ni. Àsénupè ni b, p àti gb, o gba ìyẹn. Ibi tí o ti sé èémí ni o ṣì.

Ṣe èyí. Pa ètè dé bí ẹni fẹ́ pe "ba", má ṣí i, kí o sì máa ti èémí bọ̀ láti inú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á wú bíi ti afọnfèrè. Ó wú nítorí pé èémí ti rìn jákèjádò ẹnu, ètè nìkan ló dá a dúró. Tú u sílẹ̀, sinmi díẹ̀. Wàyí o, múra bí ẹni fẹ́ pe "gba", má ṣí i, kí o tún ti èémí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní wú. Bó o fẹ́, bó o kọ̀, kò ní wú. Ẹ̀yìn ahọ́n rẹ ti gòkè lọ lẹ̀ mọ́ àfàsé, ibi rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, ó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ èémí níbẹ̀. Ètè náà sì tì níwájú. Ìlẹ̀kùn méjì ló tì lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì há sáàárín wọn.

Wá ṣe é fún "pa". Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní wú fún un náà. Ohun tí olùkọ́ rẹ fẹ́ kí o rí nìyẹn. P wa kì í ṣe p tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkejì gb ni, tán-án-ná nìkan ló yà wọ́n: ó ń gbọ̀n fún gb, kò gbọ̀n fún p. Abẹ́ afàfàsé-fètè-pè ni àwọn méjèèjì ń gbé, ojú kan ṣoṣo. B ló wá ṣẹ́kù lábẹ́ ètè pẹ̀lú m, kò sì ní ẹnìkejì tí kò kùn nínú Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ọmọ Ìyàrà, tí o bá kọ ìró kan sí ojú méjì, ìró méjì lo kọ yẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: báwo ni Táyé ṣe ń pe "kẹ̀kẹ́"? Báwo ló ṣe ń pe "gígùn"?

Ìyá Ìbejì · 9:31 alẹ́

Ẹ ṣé sà. "Tẹ̀tẹ́" ló ń pè é. Gígùn, "dídùn" ni. A máa ń rò pé nǹkan dídùn ló ń bèèrè.

Ọmọ Ìyàrà · 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́ g kó tó gbọ́ b. Bí mo bá pe "agbá" jẹ́jẹ́, mo ń gbọ́ ọ ketekete: a-g-bá. Báwo ni ẹ ṣe wá ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni?

Tísà Ìsánlú · 10:05 alẹ́

Bí o bá pè é jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì kékeré kan lo ti fi sáàárín láìfura. "Agubá" lò ń pè, kì í ṣe agbá. Ronú nípa orúkọ Kàbà tí ọmọ yìí ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yìn ahọ́n gòkè fún k, ó sọ̀kalẹ̀, ẹnu là fún a, lẹ́yìn náà ni ètè tó pàdé fún b. Àsénupè méjì nìyẹn, ìrìn méjì. Nínú agbá, ìrìn kan ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ohun tí ẹ kọ yẹn. K di t, g di d, gb di b. Àìsàn mẹ́ta kọ́, ohun kan ṣoṣo ni: ọmọ náà kò tíì máa gbé ẹ̀yìn ahọ́n lọ bá àfàsé. Bó ṣe fẹ́ pe k, iwájú ahọ́n ló ń lò, ó bá bọ́ sí èrìgì, t ló jáde. Fún gb, ó ti ìlẹ̀kùn iwájú, ó gbàgbé ti ẹ̀yìn, b ló kù. Iwájú ahọ́n ni iṣan abẹ́ ahọ́n sì ń dè. Ẹni tó ń pe t àti d dáadáa, iwájú ahọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gígé iṣan kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ k dáadáa kò ní lè pè é. Bí kò bá sì yí padà nígbà tó bá fi pé ọdún mẹ́rin, ẹ tún padà lọ.

Ọmọ Mọ̀pà · 10:48 alẹ́

Mo fẹ́ ti ọ̀rọ̀ Tísà lẹ́yìn pẹ̀lú ohun kan tí mo kọ́ nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Ọmọ Ìyàrà, mú jígí ìyàwó rẹ wá.

Sọ "ó ń bọ̀", kí o dúró lórí ń yẹn kó pẹ́ díẹ̀. Ètè rẹ ti pàdé. M lò ń pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n la kọ. Sọ "ó ń dé", dúró lórí ń. Ètè ṣí, iwájú ahọ́n wà lára èrìgì. Sọ "ó ń ké". Ètè ṣí, iwájú ahọ́n sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ló lọ sókè. Ìyẹn ni pé ń kò ní ibi tirẹ̀, ibi tí kọ́ńsónáǹtì tó ń bọ̀ máa dí ló máa ń lọ dúró dè é.

Wá sọ "ó ń gbá ilẹ̀". Dúró lórí ń. Wo ètè rẹ nínú jígí.

Tó bá jẹ́ pé g ló ṣáájú nínú gb, ń ì bá ṣe bó ṣe ṣe nínú "ó ń ké": ètè ì bá ṣì wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n ó ti pàdé kí gb tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Tó bá sì jẹ́ ètè nìkan ni, ń yẹn ì bá dún bíi ti "ń bọ̀" gẹ́lẹ́, kò sì dún bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ahọ́n náà ti gòkè. Ń ti mọ̀ pé ìlẹ̀kùn méjì ló ń bọ̀. "Ó ń pa á" náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà · 11:16 alẹ́

Mo ti ṣe é. Lóòótọ́ ni, ètè mi ti pàdé kí n tó dé gb. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo gbà pé ojú méjì tí mo kọ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n etí mi ṣì ń gbọ́ g níwájú àti b lẹ́yìn, mi ò lè purọ́.

Tísà Ìsánlú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Etí rẹ kò ya wèrè. Èmi ni mo sọ "lẹ́ẹ̀kan náà" bí ẹni pé kò sí àlàfo kankan. Ẹ̀yìn ahọ́n máa ń ṣáájú díẹ̀ kínún nínú títì, ó sì máa ń ṣáájú nínú ṣíṣí, ètè ló ń ṣí kẹ́yìn. Àlàfo náà kéré gan-an, àkókò tí ìlẹ̀kùn méjèèjì fi jọ tì ló gùn jù. Ìdí nìyẹn tí fáwẹ̀lì tó ṣáájú fi ń ní ìró bíi ti g ní ìparí rẹ̀, tí fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e fi ń bẹ̀rẹ̀ bíi ti b. Ìdí náà nìyẹn tí àlejò tó ń kọ́ Yorùbá fi máa ń gbọ́ "ba" nígbà tí a bá ní "gba": kò sí fáwẹ̀lì níwájú tó máa ta á lólobó nípa ẹ̀yìn.

Olórí Akọrin · 8:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹnìkan kò tíì sọ bí a ṣe ń mọ èyí tó kùn. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akọrin mi rọrùn: gbé ìka lé gògóńgò, pe "gba", wàá gbọ́ gbígbọ̀n. Pe "pa", kò sí gbígbọ̀n. Ó tán.

Ọmọ Mọ̀pà · 8:30 àárọ̀

Ọ̀gá, kò tán o. Tẹ́ ẹ bá pe "pa", gògóńgò á gbọ̀n náà, torí fáwẹ̀lì a tó wà nínú rẹ̀ ń kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá sọ pé méjèèjì ló kùn. Mo ti rí i nínú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì: "apá" àti "agbá". Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí etí méjèèjì, kí ẹ pè wọ́n. Nínú "agbá", kíkùn inú orí yẹn á máa bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó tilẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín. Nínú "apá", á gé kúrò pátápátá ní àárín, ẹ̀yin náà á gbọ́ àlàfo yẹn, lẹ́yìn náà ni yóò padà.

Olórí Akọrin · 8:41 àárọ̀

Mo ṣe é báyìí. Òtítọ́ ni. Màá tún ti àwọn akọrin ṣe.

Ọmọ Patigi · 1:25 ọ̀sán

Yàgbà ni bàbá mi, Núpé ni ìyá mi, Patigi ni mo dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa rí. Núpé ní p ti ètè nìkan, ó sì ní kp ti ìlẹ̀kùn méjì. Wọ́n ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí tí o bá ṣì wọ́n pè, ọ̀rọ̀ mìíràn lo pè. Patigi, p lásán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kpada tó wà nítòsí wa, kp ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti Yàgbà máa ń pe ìlú wa pẹ̀lú p ti Yorùbá, ìyá mi á máa rẹ́rìn-ín pé wọ́n ti yí orúkọ ìlú padà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tó yàtọ̀ títí mo fi ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú yìí. Mo dán an wò pẹ̀lú ìyá mi lówùúrọ̀ yìí. Ó múra láti pe Patigi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó múra láti pe Kpada, kò wú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà, Yorùbá kò ní p ti ètè nìkan tí a lè ṣì mú fún un, ìyẹn ni lẹ́tà kan ṣoṣo fi tó wa. Lẹ́tà ló ṣì ọ́ lọ́nà. Má fi lẹ́tà ya àtẹ, fi ẹnu yà á.

Ìyá Ìyàwó Lọ́kọ́ja · 3:50 ọ̀sán

Èmi Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nǹkan kan tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì máa ń gbé e síwájú ètè. Bí mo bá pe "pẹ́ǹ" bí àwọn òyìnbó ṣe ń pè é, bébà á fò. Bí mo bá pe "pẹ́pẹ́yẹ", bébà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé agbára èémí wa ló kéré.

Ọmọ Mọ̀pà · 4:12 ọ̀sán

Agbára kọ́, Mà. Ti òyìnbó ní èémí tó ń tú jáde lẹ́yìn tí ètè bá ṣí, kí fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa, afẹ́fẹ́ kékeré tó há sáàárín ìlẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́yìn ètè, fáwẹ̀lì sì ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan lára wa tilẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ yẹn sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni fẹ́ mu nǹkan, bébà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀ wá sẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà · 8:36 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èmi àti àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ṣe ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn lálẹ́ àná títí wọ́n fi wá kanlẹ̀kùn pé kí ló ń ṣe wá. Mẹ́ta nínú wa ṣe é, ó rí bí Tísà ṣe sọ. Ẹnì kẹrin, Haúsá ni wọ́n ń sọ nílé wọn, "gwa" ló ń pè dípò "gba". Nínú jígí, ètè rẹ̀ kó jọ róbótó ṣùgbọ́n kò pàdé. A rí i pé ìlẹ̀kùn iwájú ni tirẹ̀ kò tì.

Àtẹ mi nìyí báyìí: afèjì-ètè-pè, b, m, w. Afàfàsé-fètè-pè, p, gb. Afàfàsépè, k àti g. Ó ku j. Mo kọ ọ́ sí àsésí, ọ̀rẹ́ mi ní àsénupè ni. Ta ló gbà á?

Tísà Ìsánlú · 9:02 alẹ́

Yọ w kúrò níbẹ̀. Nígbà tí o bá pe "wá", ètè á kó jọ, ẹ̀yìn ahọ́n náà á gòkè sí ọ̀nà àfàsé, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìlẹ̀kùn kan tó tì, méjèèjì kàn sún mọ́ ibẹ̀. Ojú kan náà pẹ̀lú p àti gb ni ibi rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ló yàtọ̀: àséèsétán. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń pè ní "gwa" fi díẹ̀ jọ ọ́.

J, àsésí ni. Ahọ́n sé èémí pátápátá, kò wá tú u sílẹ̀ wàì, ó tú u pẹ̀lú fífún.

Ọmọ Mọ̀pà · 9:19 alẹ́

Tísà, mi ò gbà pátápátá. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo gbọ́, fífún yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ó sì ṣí. Àwọn onímọ̀ kan sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé àsénupè ti àjà ẹnu ni.

Tísà Ìsánlú · 9:27 alẹ́

Lẹ́nu tèmi, mo ń gbọ́ fífún. Ó lè jẹ́ pé bí ìwọ àti èmi ṣe ń pè é gan-an ló yàtọ̀. Ọmọ mi, kọ àsésí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ bí ìyẹn bá ni wọ́n kọ́ yín ní kíláàsì, kí o sì bi olùkọ́ rẹ lẹ́yìn ìdánwò.

Ìyá Ìbejì · Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. A ti lọ, wọ́n ní etí rẹ̀ dá pé. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ṣeré pẹ̀lú rẹ̀, kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn kí ahọ́n lè ṣubú sí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kí n wá máa pe "ka, ka" fún un. Kẹ́hìndé náà dùbúlẹ̀ tì í, ó ń pè é sókè. Lálẹ́ àná Táyé pe kẹ̀kẹ́. "Kẹ̀tẹ́" ló jáde. Gbogbo ṣì ni "bobo".